Gbólóhùn Kan, Ìtumọ̀ Kan
Ẹ wo kọ́sítíìkì sóódà tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń pò mọ́ omi. Bó bá tó ìdá 2 nínú 100, àmì H314 ni ìwé ààbò rẹ̀ máa ń gbé: ó ń jó awọ ara gidigidi, ó sì ń ba ojú jẹ́. Bó bá ti lọ sílẹ̀ sí ìdá 1, H315 ni ti awọ ara: ó kàn ń mú un yún, ó ń mú un pọ́n. Ògbufọ̀ tó bá kọ “ó ń ta ni lára” fún méjèèjì ti fi òṣìṣẹ́ sínú ewu.

Òfin Yúróòpù ti tẹ gbólóhùn wọ̀nyí ní àwọn èdè ìjọba ibẹ̀; àdàkọ ni iṣẹ́ àwọn ògbufọ̀ èdè wọ̀nyẹn. Yorùbá kò sí níbẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń yẹ́ ògbufọ̀ tó kọ́kọ́ to àkójọ gbólóhùn tirẹ̀ sí, tó ń tọpa H314 láti abala 2 ìwé ààbò dé abala 16, kí ọ̀rọ̀ kankan má baà yí padà.