Inú Ihò Ère Ni Mo Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Bí wọ́n bá fi fọ́tò ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá àwọn wò ó bóyá ó ti pẹ́ láyé lóòótọ́, ojú rẹ̀ kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Inú rẹ̀ ni. Ojú ère ni ẹni tó fẹ́ tanni jẹ ń ṣiṣẹ́ lé lórí jù, torí ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni oníbàárà máa tẹjú mọ́. Inú ihò tí ẹni tó ń gbé e jó ń ki orí bọ̀ ni kì í rántí. Bẹ́ẹ̀, bí ère bá ti lọ síjó rí, inú ihò yẹn la ti ń mọ̀.

Igi ọ̀mọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa fi ń gbẹ́ ẹ, torí ó fúyẹ́ lórí. Iṣẹ́ ọ̀hún pín sí mẹ́rin lọ́wọ́ àwa agbẹ́gilére: ọnà lílé, tí àáké fi ń yọ ìrísí orí nínú ìtì igi, àlétúnlé, tí ojú, imú àti etí fi ń jáde, dídán, tí ara rẹ̀ fi ń jọ̀lọ̀, àti fínfín, tí ọ̀bẹ fi ń fa ilà ojú àti irun. A kì í dán inú ihò. Ibi tí àáké kékeré bá gé e dé, ibẹ̀ náà la ń fi í sí, nítorí náà ojú àáké máa ń gun ara wọn bí ìpẹ́ ẹja. Inú mi máa ń dùn púpọ̀ bí mo bá rí wọn nínú fọ́tò, torí mo lè tọ ọwọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ láti ìgbà tó ti wọ inú igi títí dé ibi tó ti dáwọ́ dúró.

Bí wọ́n bá wá gbé ère náà jó fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í ṣe gbogbo ojú àáké yẹn ló ń jẹ. Ibi tí iwájú orí àti ìpàkó ẹni tó ń jó ti ń fara kàn án, pẹ̀lú aṣọ tó ká sórí, nìkan ló ń dán, tí òógùn á sì sọ ọ́ di dúdú. Ìsàlẹ̀ ihò náà, níbi tí nǹkan kan kì í dé, ṣì máa mú ṣáṣá bí ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹ. Bákan náà ni àwọn ihò kéékèèké tó wà létí rẹ̀, tí okùn ń gbà kọjá. Apá kan ṣoṣo ni okùn ti ń fà á, nítorí náà apá kan ṣoṣo ni ihò máa jẹ sí, tí yóò gùn díẹ̀ síbẹ̀, tí etí rẹ̀ á sì jọ̀lọ̀.

Láìpẹ́ yìí, àbúrò mi obìnrin kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fi fọ́tò irú ère bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ kó tó sanwó. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ní láyé bàbá bàbá wa ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ ní Kétu." Ojú obìnrin ni, ó wé gèlè, ejò méjì lọ́ mọ́ gèlè náà. Ó dúdú látòkèdélẹ̀, imú rẹ̀ ti jẹ, kòkòrò ti lu ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo ní kó sọ fún wọn kí wọ́n yí i, kí ẹnu ihò kọjú sókè, kí wọ́n tún un yà.

Fọ́tò kejì ló tú àṣírí. Ojú àáké wà nínú ihò náà, ó sì dára, agbẹ́gilére tó mọṣẹ́ ló ṣe é. Ṣùgbọ́n bó ṣe mú níwájú orí náà ló mú nísàlẹ̀. Kò sórí tó wọ inú rẹ̀ rí. Àwọ̀ dúdú tó wà níta wà nínú pẹ̀lú, ó sì ṣàn wálẹ̀ ní ilà tẹ́ẹ́rẹ́, bí nǹkan tí wọ́n dà sí i. Òógùn kì í ṣàn báyẹn. Àwọn ihò okùn rí roboto, ẹyọ kan kò jẹ sápá kankan.

Mo wá padà sí ojú rẹ̀. Ta ló ń fọwọ́ pa imú ère tó jẹ́ pé orí ló ń gbé? Ohun tó yọ sókè, bí orí ejò wọ̀nyí, ló yẹ kó kọ́kọ́ gbún mọ́ nǹkan níbi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, síbẹ̀ orí ejò méjèèjì mú ṣáṣá. Nígbà tí mo fẹ fọ́tò náà lójú, mo rí ilà tín-ín-rín tó jọ rìn lọ lórí imú: sáńpépà ni. Ti kòkòrò ló dá mi lójú jù. Kòkòrò ajẹgi máa ń jáde sí gbangba láti inú igi, ihò roboto ló sì ń fi sílẹ̀ lójú ère. Lẹ́rẹ̀kẹ́ èyí, ipa ọ̀nà tó gbà nínú igi ló ṣí sílẹ̀ gbọọrọ bíi gọ́tà, tí ọ̀dà dúdú sì kún inú rẹ̀. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ bí kòkòrò bá ti jẹ igi kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, tàbí bí wọ́n bá há ojú rẹ̀ kúrò lẹ́yìn náà. Ohun tí mo ń wá nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e: gbígbẹ́, kíkùn, ijó, ìdọ̀tí, kòkòrò. Ẹni tó ń sọ ère di arúgbó lọ́sẹ̀ kan kì í lè tò wọ́n bí ọdún ṣe ń tò wọ́n. Mo ní kó má san iye tí wọ́n pè é.

Àwọ̀ dúdú ọ̀hún gan-an ń dùn mí. Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í bẹ̀rù ọ̀dà. Bí ọdún bá ti fẹ́ dé, wọ́n á tún un kùn, funfun, pupa, búlúù, nítorí náà èyí tó pẹ́ lóòótọ́ lè máa tàn yanran. Ibi tí ọ̀dà bá ti ṣí ni mo ń wò, bóyá àwọ̀ mìíràn wà nísàlẹ̀, tí òmíràn tún wà lábẹ́ ìyẹn. Èyí tí wọ́n sì gbẹ́ lọ́dún tó kọjá fún ìjó kì í ṣe ayédèrú, tuntun ni. Irọ́ tí wọ́n pa mọ́ ọn nìkan ló ń sọ ọ́ di ayédèrú.

Idẹ kò yàtọ̀ púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi edan Ògbóni ṣe é. Mi ò sọ̀rọ̀ awo o, ara idẹ lásán ni mo ń sọ. Ère méjì ni, ọkùnrin àti obìnrin, tí ẹ̀wọ̀n so pọ̀ láti orí. Bí ẹ̀wọ̀n bá ti fa orí ère fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú òrùka tí ẹ̀wọ̀n ti ń fà á nìkan ló máa tín-ín-rín. Èyí tó jẹ́ pé òrùka rẹ̀ ki bákan náà yípo kò tíì rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀pá irin ló sábà máa ń wà nínú edan, nítorí náà ìpẹtà ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ́n bíi ti irin, kó má jẹ́ àwọ̀ ewé bíi ti idẹ tó wà lókè.

Àwọ̀ ewé yẹn ni wọ́n ń fi ásíìdì àti iyọ̀ ṣe. Ó máa ń mọ́ jù, ó máa ń rí bí ìyẹ̀fun, ó sì máa ń bo imú àti ibi kọ́lọ́fín bákan náà. Nǹkan tí wọ́n ń fọwọ́ gbé, tí wọ́n ń nù, kì í rí bẹ́ẹ̀: ibi tó yọ á máa dán, ibi tó jìn ni ìdọ̀tí máa sá sí. Mo tún máa ń wá ibi tí wọ́n ti gé ọ̀nà tí idẹ yíyọ́ gbà wọ inú amọ̀. Bí mo bá rí ilà tó tọ́, tó jọ rìn, irú èyí tí ẹ̀rọ àwọn wẹ́dà ń fà sára irin, tí àwọ̀ ewé sì bò ó bó ṣe bo ibi yòókù, mo ti mọ̀ pé lẹ́yìn ẹ̀rọ ni àwọ̀ náà dé.

Fọ́tò ní ibi tó mọ. Kò lè gbé ère lé mi lọ́wọ́ kí n mọ bó ṣe wúwo, kò sì lè jẹ́ kí n gbóòórùn pólíìṣì bàtà tàbí èéfín. Ó lè jẹ́ kí n fi ìdánilójú sọ pé "rárá". Bí kò bá sí àléébù, ohun tí mo lè sọ kò ju pé mi ò tíì rí ohun tó ta kò ó. Nítorí náà, mo máa ń ní kí wọ́n pa iná fọ́tò, torí ó ń mú kí gbogbo ara ère dán bákan náà, kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kí ojú àáké lè ní òjìji. Kí wọ́n fi rúlà tì í. Kí wọ́n ya inú, ìdí, àti etí ihò kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tó ń tà á bá ní iwájú nìkan lòun lè yà, mi ò ní sọ ohunkóhun lórí ọjọ́ orí rẹ̀.