Ọ̀sẹ̀ Kan Gẹ́gẹ́ Bí Àlejò ní Ìbàdàn

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àjòjì lójú, kò fi ríran. Ní Ìbàdàn, àwa ọmọ onílùú gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń bá wí. Ẹni tó ti ń gbé Bódìjà láti ọdún pípẹ́ lè máa gba Mọ́kọ́lá kọjá lójoojúmọ́, kó má sì tíì gun Òkè Ààrẹ rí. Ọ̀nà ibi iṣẹ́, ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, ọ̀nà ọjà àti ọ̀nà ilé ìjọsìn ni ẹsẹ̀ wa mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu iṣẹ́, tó sì fẹ́ fi ojú àlejò wo ìlú yìí, mo mọ ètò kan tó dára.

Ọjà Ọjẹ́ ni kí ẹ fi yan ọ̀sẹ̀ tí ẹ máa mú. Lóòótọ́, wọ́n ń tajà níbẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọjà aṣọ òkè ní ọjọ́ tirẹ̀: ìtàdógún ni wọ́n ń ná an. Bí àwọn baba wa ṣe ń ka ọjọ́, wọ́n máa ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọn, nítorí náà ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló wà láàárín ọjà kan sí èkejì. Ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ méjì nìyẹn. Bí ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èyí tó tẹ̀ lé e yóò bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn yóò sì bọ́ sí Sátidé. Ẹni tó bá kàn mú ọ̀sẹ̀ kan láìbéèrè lè má bá ọjà náà pàdé rárá. Ẹ kọ́kọ́ lọ bi oníṣòwò kan ní Ọjẹ́, ẹ sàmì sí ọjọ́ náà lórí kàlẹ́ńdà, kí ẹ tó gba ìsinmi lọ́wọ́ ọ̀gá yín. Oṣù Kẹwàá ló dára jù lójú mi, nígbà tí òjò ti fọ ojú ọ̀run mọ́. Bí ọyẹ́ bá ti dé, eruku á bo ìlú, ẹni tó bá gun orí òkè kò sì ní rí ọ̀nà jíjìn.

Orí òkè ló sì yẹ kí ọ̀sẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní Òkè Ààrẹ, ilé ìṣọ́ kan wà tí wọ́n kọ́ ní 1936 ní ìrántí Ọ̀gágun Bower, ẹni tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fi ṣe aṣojú wọn ní Ìbàdàn ní 1893. Àwa ará ìlú kò fi orúkọ Bower pè é. Láyípo là ń pè é, nítorí àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń lọ́ yípo títí dé òkè. Ẹ dé ibẹ̀ láàárọ̀, kí oòrùn tó le. Bí ẹ bá dúró lórí rẹ̀, ẹ má ṣe kánjú sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wo àwọn òrùlé.

Páànù ni yóò sọ ìtàn ìlú fún yín. Ibi tí páànù ti dípẹtà tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí ilé fara ti ilé tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí títì láàárín wọn, ibẹ̀ ni Ìbàdàn àtijọ́. Ibùdó ogun ni ìlú yìí ní nǹkan bí ọdún 1829, nígbà tí àwọn jagunjagun láti Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú péjọ síbẹ̀. Olórí ogun kọ̀ọ̀kan pàgọ́ tirẹ̀, àwọn ọmọ, ìbátan àti ọmọ ogun rẹ̀ sì kọ́lé yí i ká. Agbo ilé ló kọ́kọ́ wà, ọ̀nà ló wá ń wá àyè gbà láàárín wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi ń rìn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Ọjẹ́ àti Bẹẹrẹ títí di òní. Ẹ wá gbé ojú sókè sí apá Dúgbẹ̀: Ilé Kòkó tó ga nǹkan bí mítà 105 ni ẹ ó rí, àjà 26, tí wọ́n parí ní 1965 látinú owó kòkó tí àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn gbìn. Ibi tí páànù ti ń dán, tí àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ oríṣiríṣi, ìyẹn ni ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀. Ìwo kan péré lẹ wò yìí, ẹ sì ti rí ìlú ogun, ìlú kòkó àti ìlú òde òní.

Láti ibẹ̀, ẹ kọjá sí Òkè Màpó. Gbọ̀ngàn tó wà níbẹ̀ ti wà láti 1929. Ẹ dúró níwájú rẹ̀ kí ẹ wo àwọn òpó ńláńlá tó gbé iwájú ilé náà ró. Ẹ wò wọ́n dáadáa, nítorí ẹ ó tún pàdé wọn lórí aṣọ. Àwọn ìyá wa tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ fi òpó Màpó ṣe ọnà sára aṣọ kan tí wọ́n sọ ní Ìbàdàndùn. Ẹ̀kọ tí wọ́n fi gbágùúdá sè ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ tọ́ sára aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní mú un. Bí wọ́n bá ti rẹ aṣọ náà sínú aró, tí wọ́n sá a gbẹ, tí wọ́n tún un rẹ títí tó fi dúdú tó, wọ́n á wá ha ẹ̀kọ náà kúrò, ọnà á sì yọ. Nínú Ìbàdàndùn, ẹ ó rí àwọn òpó náà ní ìdúró, ohun tó jọ ṣíbí sì wà láàárín wọn. Bí ẹ bá rí Ìbàdàndùn rà lọ́jà, ẹ wo ọnà rẹ̀ fínnífínní. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, ọnà inú rẹ̀ sábà máa ń dọ́gba láìyẹ̀. Ọwọ́ èèyàn kì í fa ìlà méjì kó rí bákan náà, bí ẹ bá sì wo èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ dáadáa, ẹ ó rí i pé òpó kan sanra ju èkejì lọ díẹ̀.

Ọjọ́ ọjà Ọjẹ́ ni kí ẹ fún ní àyè jù lọ. Ẹ jí ní kùtùkùtù, nítorí ọjà òwúrọ̀ ni, àwọn tó ń ra ọjà lọ tà kì í sì í dúró de oòrùn. Àwọn ahunṣọ àti oníṣòwò máa ń ti Ìsẹ́yìn, Ọ̀yọ́ àti ibòmíràn gbé ẹrù wá. Ìlànà aṣọ òkè ni pé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni òfì ọkùnrin ń hun ún. Aránṣọ ló ń so ó pọ̀ tó fi di agbádá tàbí ìró. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí ẹ ó rà, ẹ má ṣe fi ọ̀pá aṣọ ìsọ̀ ṣírò rẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ rán fún ìyá tó ń tà á, ẹ sì sọ bí ẹ ti ga tó. Yóò sọ iye tó máa tó yín.

Ẹ béèrè fún mẹ́ta àgbà inú aṣọ òkè: sányán tó ní àwọ̀ ilẹ̀, tí wọ́n ń fi okùn kòkòrò hun látijọ́, àlàárì tó pọ́n, àti etù tó dúdú bí ọ̀run òru, tí ìlà funfun tín-ín-rín wà lára rẹ̀. Àgbà etù tí wọ́n fi aró ìbílẹ̀ pa máa ń yí sí ọwọ́. Ẹ fi ìka tútù ra á díẹ̀: bí ìka bá gba àwọ̀ búlúù, kì í ṣe àbùkù, àmì aró ni. Ọ̀pọ̀ aṣọ tó wà lórí àtẹ lónìí ló jẹ́ òwú ilé iṣẹ́ tàbí òwú dídán, ó sì lẹ́wà láyè ara rẹ̀, ṣùgbọ́n iye owó wọn kò gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ dọ́gba. Ẹ kí ìyá náà dáadáa kí ẹ tó dá iye: “Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin Ìyá wa, ajé á wọgbá.” Ẹni tó kí oníṣòwò bẹ́ẹ̀ yóò gbọ́ orúkọ aṣọ àti ìtàn rẹ̀ kí ó tó gbọ́ owó.

Lẹ́yìn ariwo ọjà, ẹ fi ọjọ́ kan fún ibi tí ìdákẹ́jẹ́ wà. Ẹ lè rìn nínú Yunifásítì Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948, kí ẹ wo àwọn ilé tí Maxwell Fry àti Jane Drew yàwòrán wọn, pàápàá ilé ìkàwé tí wọ́n fi ògiri oníhò yí ká kí atẹ́gùn lè wọlé kí òjò má sì wọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ràn igbó, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IITA, ní ọ̀nà Ọ̀yọ́, dá nǹkan bí hẹ́kítà 350 igbó sí. Ẹ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó lọ, nítorí ẹnu-ọ̀nà wọn kì í ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ẹyẹ kan wà nínú igbó yẹn, ìbátan ẹ̀ga, dúdú ni, pupa sì wà ní orí àti ọrùn rẹ̀. Olùkọ́ yunifásítì kan, Elgood, ló kọ nípa rẹ̀ ní 1958, ó sì fi ìlú wa sọ ọ́: Malimbus ibadanensis. Ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń rí i ní gbogbo ayé. Orí igi gíga ló ń rìn, ó sì jọ àwọn ìbátan rẹ̀ kan, nítorí náà ẹni tí kò bá ní gíláàsì awòran àti afinimọ̀nà tó mọ ẹyẹ lè rí i kó má mọ̀ pé òun rí i.

Ohun kan ló máa ń ba irú ọ̀sẹ̀ báyìí jẹ́: ilé. Ẹni tó ń sùn sórí ibùsùn ara rẹ̀ yóò jí bá aṣọ tí wọn kò tíì fọ̀ àti ẹ̀rọ iná tí kò ní epo, yóò sì sọ pé kí òun kọ́kọ́ ṣe èyí. Kí ó tó mọ̀, ọ̀sán ti pọ́n. Ẹ parí iṣẹ́ ilé kí ọ̀sẹ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jáde kí aago méje tó lù, ẹ má sì jẹ oúnjẹ àárọ̀ nílé. Àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú ń dúró dè yín nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Màpó.

Ọjọ́ ìkẹyìn, ẹ lọ sí agbo ilé kan nínú ìlú àtijọ́. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, tiyín ni kí ẹ lọ. Bí ẹ kò bá jẹ́, ẹ bẹ ọ̀rẹ́ kan kó mú yín lọ sí tiwọn. Ẹ ránṣẹ́ sí Mọ́gàjí ṣáájú, nítorí òun ni olórí agbo ilé, ẹ má sì lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ wá sọ pé ẹ fẹ́ gbọ́ bí ẹni tó tẹ agbo ilé náà dó ṣe dé Ìbàdàn, ogun tó jà, àti oríkì rẹ̀. Ẹ gba àyè kí ẹ tó fi fóònù gbà á sílẹ̀. Láti ipò Mọ́gàjí yìí ni àwọn olóyè ti ń gun àkàsọ̀ oyè díẹ̀díẹ̀ títí dé orí ìtẹ́ Olúbàdàn, nítorí náà ẹni tí ẹ jókòó tì yẹn lè di ọba ìlú lọ́jọ́ kan. Ohun tó bá sọ fún yín ni yóò so òrùlé tí ẹ rí láti Òkè Ààrẹ mọ́ orúkọ ènìyàn, ẹ ó sì mọ ilé tí ẹ ó tọ́ka sí bí ẹ bá mú àwọn ọmọ yín gun Láyípo.