Àárín Kọ́ọ̀dù Méjì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó mọ gìtá í ta, ẹ má wo ọwọ́ òsì rẹ̀ nígbà tó bá tẹ kọ́ọ̀dù mọ́lẹ̀. Ẹ wò ó nígbà tó bá ń kúrò lórí kọ́ọ̀dù kan bọ́ sí òmíràn. Àgbàlagbà tí kò fọwọ́ kan gìtá rí lè mọ ibi tí ìka ń gbé fún kọ́ọ̀dù C ní alẹ́ ọjọ́ kan, kó sì mọ ti G ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Ohun tí kò ní tíì mọ̀ ni bí yóò ṣe ti ọ̀kan dé èkejì kí orin tó sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni orin ti ń já. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló ń rí lóòjọ́, ibẹ̀ ló yẹ kó ná gbogbo rẹ̀ sí.

Onígìtá kan wà ní Ìbàdàn tí mo fẹ́ràn láti máa wò bó ṣe ń kọ́ àgbàlagbà. Ó bá ẹgbẹ́ jùjú ṣiṣẹ́ títí irun rẹ̀ fi funfun. Ẹ gbọ́ àwọn àwo tí King Sunny Adé àti Ebenezer Obey ṣe ní àwọn ọdún 1970: orin a máa lọ láìdúró láti ìbẹ̀rẹ̀ ojú àwo dé òpin rẹ̀, kọ́ọ̀dù inú rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹni tó bá ń lọ tó ń bọ̀ lórí kọ́ọ̀dù díẹ̀ náà láti alẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ lóde àríyá kò gbọdọ̀ fi agbára ìka ṣòfò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọwọ́ yóò kú mọ́ ọn lára. Ohun tí bàbá yìí ń kọ́ àwọn tí kò ráyè nìyẹn: kí ìka má rin ìrìn tí kò pọn dandan.

Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo bá lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá ṣiṣẹ́ òru lọ́sẹ̀ yìí, tọ̀sán ni lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọmọ sì wà nílé. Ó fẹ́ máa ta gìtá sí orin ìyìn tí òun àti àwọn ọmọ ń kọ lálẹ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí bàbá bi í kò kan ìka rárá.

“Nọ́ọ̀sì, níbo ni gìtá yẹn máa ń wà tí ẹ bá wà nílé?”

“Inú báàgì rẹ̀ ni, Bàbá. Orí kọ́bọ́ọ̀dù.”

“Ẹ yọ ọ́ jáde. Ẹ gbé e kọ́ ara ògiri níbi tí ẹ ti ń jókòó. Ìṣẹ́jú tí ẹ fi ń wá a, inú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn náà ni ẹ ti ń yọ ọ́.”

Lẹ́yìn náà ló wá fi C àti Am lé e lọ́wọ́. Okùn mẹ́fà ló wà lára gìtá. Èyí tó tinrin jù ni wọ́n ń pè ní okùn kìn-ín-ní, èyí tó nípọn jù ni okùn kẹfà. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá ló pín in sí àyè-àyè, a sì ń kà wọ́n láti ìhà orí rẹ̀ wá. Fún C, ìlábẹ̀ wà lórí okùn kejì ní àyè kìn-ín-ní, ìka àárín wà lórí okùn kẹrin ní àyè kejì, ìka òrùka wà lórí okùn karùn-ún ní àyè kẹta. Fún Am, ìlábẹ̀ àti ìka àárín kò kúrò níbi tí wọ́n wà. Ìka òrùka nìkan ló dìde, tó lọ jókòó sórí okùn kẹta ní àyè kejì. Nọ́ọ̀sì, bí gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, gbé ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí yóò gbé wọn lé. Bàbá fi ìka tirẹ̀ tẹ ìlábẹ̀ àti ìka àárín rẹ̀ mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní kó gbé èyí tó kù nìkan lọ kó sì gbé e bọ̀. Ìka méjì tó dúró yẹn ló ń júwe ọ̀nà fún ẹ̀kẹta. Wọn kò jẹ́ kí ọwọ́ sọ ibi tó wà nù.

G ló ṣòro, níbẹ̀ sì ni mo ti rí ọgbọ́n tó wù mí jù lọ. Kọ́ọ̀dù G ń fẹ́ okùn kẹfà ní àyè kẹta, okùn karùn-ún ní àyè kejì, àti okùn kìn-ín-ní ní àyè kẹta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi ìka àárín, ìlábẹ̀ àti ìka òrùka tẹ ẹ́ ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé, nítorí pé ó rọ ọwọ́ lọ́rùn. Bàbá kò gbà. Ìka òrùka ló fi sí okùn kẹfà, ìka àárín sí okùn karùn-ún, ọmọńdinrín sí okùn kìn-ín-ní. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni ń ni akẹ́kọ̀ọ́ lára, torí ọmọńdinrín kò lágbára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bá ń ti C lọ sí G. Ìka òrùka wà lórí okùn karùn-ún ní àyè kẹta, ó sún sí okùn kẹfà ní àyè kẹta náà. Ìka àárín wà lórí okùn kẹrin ní àyè kejì, ó sún sí okùn karùn-ún ní àyè kejì náà. Àwọn méjèèjì lọ pọ̀ bí ẹṣin méjì tí wọ́n so àjàgà kan mọ́ lọ́rùn, bí wọ́n ṣe jìnnà síra wọn kò yí padà rárá. Ìlábẹ̀ dìde, ọmọńdinrín balẹ̀, ó parí. Bó bá jẹ́ ọ̀nà kejì ni, kò sí ìka tí kò ní pààrọ̀ iṣẹ́: ìka àárín yóò kúrò ní àyè kejì bọ́ sí ẹ̀kẹta, ìlábẹ̀ yóò fò láti okùn kejì lọ sí ìkarùn-ún. Ọwọ́ ọ̀jẹ̀ lè ṣe é láìronú. Ẹni tó ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóòjọ́ yóò ná ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sórí rẹ̀. Bàbá gbà kí ọmọńdinrín máa pẹ́ dé níbẹ̀rẹ̀; ó ní kó má gbá okùn kìn-ín-ní títí ìka kékeré náà yóò fi mọ ilé.

Ní báyìí ó kan ọwọ́ ọ̀tún. Fóònù tí ń ka àkókò wà lórí tábìlì, ó ń lu 60 ní ìṣẹ́jú kan. Nọ́ọ̀sì a gbá C lẹ́ẹ̀kan ní ení, á fi èjì, ẹ̀ta àti ẹ̀rin gbé ìka rẹ̀ lọ, á sì gbá G nígbà tí ení bá tún dé. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ọwọ́ ọ̀tún kò gbọdọ̀ dúró de òsì. Bí ìka kan ṣoṣo ló ti débẹ̀ nígbà tí ení dé, kó gbá a bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá ń balẹ̀ dáadáa, yóò máa gbá a ní ení àti èjì, yóò fi ẹ̀ta àti ẹ̀rin rìn, títí ìrìn náà yóò fi kù bíńtín.

Ìgbà tí ohùn kan kò jáde ni mo tún rí bí etí bàbá ṣe mú tó. Ó ní kí nọ́ọ̀sì ta okùn C níkọ̀ọ̀kan. Okùn kìn-ín-ní kú, ó dún “pọ́” bí ẹni kan pákó. Ìyẹn ni pé ìlábẹ̀ tó wà lórí okùn kejì ló dùbúlẹ̀ tó fara kàn án. Kó gbé oríkèé ìka náà sókè, kó sì jẹ́ kí àtàǹpàkò sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ọrùn gìtá. Okùn karùn-ún ní tirẹ̀ ń kùn bí eṣinṣin. Ìka òrùka ló jìnnà sí irin. Kó sún mọ́ ọn títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, agbára tí yóò fi tẹ̀ ẹ́ yóò sì dín kù.

Ṣùgbọ́n okùn kejì ṣì le koko lábẹ́ ìlábẹ̀. Bàbá gba gìtá náà, ó tẹ okùn mọ́lẹ̀ ní àyè kẹta, ó sì tẹjú mọ́ ojú irin kìn-ín-ní. Níbi tó yẹ kí àlàfo tó wà láàárín okùn àti irin tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí bébà kan yóò fi ṣòro láti kọjá, mo rí ìmọ́lẹ̀ kedere. Egungun kékeré tí okùn ń gba ojú rẹ̀ kọjá níbi orí gìtá ló ga jù. Ó mú fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó rẹ́ ojú ihò okùn náà díẹ̀, ó dá okùn padà, ó wò ó, ó tún rẹ́ ẹ. Kò kánjú, torí bó bá rẹ́ ẹ jù, okùn tí a kò tẹ̀ rárá ni yóò máa kùn, egungun tuntun ni wọn yóò sì rà. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ti gbé gìtá jù sílẹ̀, tí wọ́n rò pé ìka àwọn ló ti le jù, nígbà tó jẹ́ pé egungun kóńkóló yìí ló ń bá wọn jà.

Mo bi bàbá bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń kọjá láti C sí G tí n kò gbọ́ àlàfo kankan. Ó ta á fún mi lọ́wọ́ tó yá díẹ̀, bíi 90 ní ìṣẹ́jú kan, ó ń gbá a sísàlẹ̀ sókè, ó ní kí n má wo ibòmíràn bí kò ṣe òsì. Ìgbà náà ni mo rí i. Ìka rẹ̀ ti kúrò lórí C kí ìwọ̀n náà tó pé. Gbígbá sókè tó kẹ́yìn, lẹ́yìn ẹ̀rin, orí okùn tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ló bọ́ sí, fún bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Gbígbá sókè kì í sábà kọjá okùn mẹ́ta tó tinrin, ohùn mẹ́ta yẹn nígbà tí a kò bá tẹ̀ wọ́n sì ni mí, tí àti sòò tí C bá jẹ́ dò. Ọmọ ilé ni wọ́n nínú orin náà, etí kì í lé wọn síta. Àyè tí ìka fi rìn nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì kò tíì dé ìdí ìyẹn. Ní àárọ̀, kí àwọn ọmọ tó jí, C àti Am. Kó tó sùn tàbí kó tó jáde fún iṣẹ́ òru, C àti G. Bàbá kò fẹ́ kó kó gbogbo rẹ̀ jọ di ọjọ́ Sátidé. Awọ orí ìka kò lè gba bíi wákàtí méjì ọ̀sẹ̀ kan lójijì láìbó, ohun tí ọwọ́ bá sì kọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti sá lọ kí ọ̀sẹ̀ kejì tó dé.

F ló kù kí orin ìyìn rẹ̀ tó lè pé. F tí ìwé ń júwe, tí ìlábẹ̀ dùbúlẹ̀ bo okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, yóò gba oṣù púpọ̀, bàbá kò sì mú un wá rárá. Ó ní kí nọ́ọ̀sì tẹ C. Ó ní kó fi ìlábẹ̀ sílẹ̀ níbi tó wà, kó tún sún ìka méjì ìjọsí, lọ́tẹ̀ yìí sí ìhà okùn tó tinrin: ìka òrùka sí okùn kẹrin ní àyè kẹta, ìka àárín sí okùn kẹta ní àyè kejì. “Okùn mẹ́ta yìí nìkan ni kí ẹ gbá,” bàbá wí, ó fi ìka tọ́ka sí ìkẹrin, ìkẹta àti èkejì. Nọ́ọ̀sì gbá wọn, F sì jáde.