Èwo ló dára jù? Àríwísí lórí èdè ìbéèrè ìdánwò nípa ìdókòwò, pẹ̀lú àpẹẹrẹ láti Bàsílà àti Manigírì

1. Ìṣòro náà

Ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ni iṣẹ́ mi, kì í ṣe ìṣirò owó. Ṣùgbọ́n nígbà ìsinmi, mo máa ń jókòó ti àwọn ọmọ Manigírì àti Bàsílà tí ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò ìṣàkóso okòwò. Púpọ̀ nínú wọn ló ń sọ èdè Manigírì, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka èdè tó bá Yorùbá tan, nílé wọn. Bí wọ́n bá dé ọjà Bàsílà, wọ́n á bá Aníì pàdé, èdè Faransé ni wọ́n sì fi ń ṣe ìdánwò. Irú ìbéèrè kan wà tó máa ń dà wọ́n láàmú jù. Wọ́n á fún wọn ní iṣẹ́ méjì tí ẹnì kan lè dá owó lé, wọ́n á ní kí wọ́n fi òṣùwọ̀n mẹ́ta wọn iṣẹ́ méjèèjì, lẹ́yìn náà wọ́n á béèrè pé: èwo ló dára jù?

Àwọn ọmọ náà mọ ìṣirò rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọ̀rọ̀ tí a fi gbé ìbéèrè náà kalẹ̀, àti orúkọ tí a fún àwọn òṣùwọ̀n náà, ló ń ṣì wọ́n lọ́nà. Èmi fúnra mi ni mo ṣètò àpẹẹrẹ ìsàlẹ̀ yìí ní irú àwòṣe tí àwọn olùbéèrè ń lò, kí ó má bàa jẹ́ pé ìwé ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ kan ni mo ń dá lẹ́jọ́.

2. Àpẹẹrẹ kan

Ẹgbẹ́ obìnrin kan ní Manigírì ní mílíọ̀nù 2 owó sẹ́fà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n lè ṣe nínú méjì. Èkíní ni ẹ̀rọ tí wọn yóò fi máa lọ àgbàdo àti gbágùúdá fún ará ìlú. Owó tí yóò mú wọlé lọ́dún mẹ́rin ni 1,200,000, lẹ́yìn náà 900,000, lẹ́yìn náà 300,000, àti 200,000 nígbà tí ẹ̀rọ bá ti gbó. Èkejì ni oko kájú tí wọn yóò gbin ẹ̀pà sáàárín rẹ̀ títí igi yóò fi so. Tirẹ̀ ni 200,000, 400,000, 900,000, àti 1,700,000 ní ọdún kẹrin, èyí tí iye owó oko fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè náà ní kí a lo 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún.

Òṣùwọ̀n kìíní ni àkókò tí ojú owó padà. Ẹ̀rọ kó 1,200,000 wọlé lọ́dún kìíní, ó ku 800,000, èyí tí 900,000 ọdún kejì yóò san tán kí ọdún náà tó parí. Nítorí náà, ojú owó padà ní ọdún 1 àti oṣù 11 tàbí díẹ̀ dín. Oko kájú kó 1,500,000 pọ̀ ní ọdún mẹ́ta, ìyẹn ni pé ó di ọdún 3 àti nǹkan bí oṣù mẹ́ta ààbọ̀ kí ojú owó tó padà. Ẹ̀rọ ló borí.

Òṣùwọ̀n kejì ni èyí tí mo ń pè ní iye òní tó kù. Bí èlé bá jẹ́ 10 nínú ọgọ́rùn-ún, 110,000 tí yóò wọlé lọ́dún tó ń bọ̀ kò ju 100,000 òní lọ. Nítorí náà, a pín owó ọdún kìíní sí 1.1, a pín ti ọdún kejì lẹ́ẹ̀mejì, ti ọdún kẹta lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ lọ. A ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a yọ mílíọ̀nù 2 tí a kọ́kọ́ ná. Ohun tó kù fún ẹ̀rọ ni 196,708. Ti oko kájú ni 349,703. Oko kájú ló borí.

Òṣùwọ̀n kẹta ni èlé tí yóò mú kí iye òní tó kù di òdo. Ti ẹ̀rọ jẹ́ nǹkan bí 16.2 nínú ọgọ́rùn-ún, ti oko kájú jẹ́ nǹkan bí 15.7. Ẹ̀rọ tún borí.

Òṣùwọ̀n méjì mú ẹ̀rọ, ọ̀kan mú oko. Ọmọ Manigírì kan tí mo ń kọ́ kà á ní ìka, ó ní: “Tísà, méjì sí ọ̀kan. Ẹ̀rọ ló wọlé.” Bí ẹni tó ń ka ìbò. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló mú un sọ bẹ́ẹ̀. “Èwo ló dára jù” lẹ́yìn òṣùwọ̀n mẹ́ta ń jẹ́ kí ó dà bíi pé ohun kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wọ̀n, tí wọ́n sì ń jẹ́rìí lórí rẹ̀. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n.

3. Orúkọ tó ń tan ni jẹ

Bí àwọn tó kọ́kọ́ ka ìṣirò yìí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, “ẹ̀dínwó” ni wọ́n sábà máa ń mú fún ìpínwálẹ̀ owó ọjọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n ohun tí olùtajà yọ fún oníbàárà ni ẹ̀dínwó lọ́jà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ “ìwọ̀n ẹ̀dínwó 10” máa ń yọ 10 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò: ó sọ 110,000 di 99,000, nígbà tó yẹ kó di 100,000. Mo ti rí àṣìṣe yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì rọrùn láti dá mọ̀, nítorí gbogbo ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò kéré díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀rọ̀ Faransé sàn jù níhìn-ín, nítorí ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí a sọ nǹkan di ti ìsinsìnyí. “Mímú owó wá sí òní” ni mo fi ń kọ́ wọn, àṣìṣe náà sì dín kù.

Òṣùwọ̀n kẹta ní orúkọ tó burú jù. “Ìwọ̀n èrè inú” ni ìtumọ̀ tààrà, kò sì sí ẹni tó mọ inú ibo. Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ni pé láti inú owó iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni iye náà ti jáde, kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ báńkì. Bí mo bá pè é ní “èlé tí iṣẹ́ náà lè rù”, ọ̀rọ̀ náà á yanjú. Bí o bá yá gbogbo mílíọ̀nù 2 ní èlé 16 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀rọ á rù ú, oko kájú kò ní lè rù ú. Agbára ni òṣùwọ̀n yìí ń wọ̀n. Kò sọ iye ọrọ̀ tí yóò kù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà. Ẹni tó lè ru ẹrù tó wúwo jù lè má jẹ́ ẹni tó kó èrè jù wálé.

Orúkọ kẹta tó ń tan ni jẹ wà lórí kọ̀ǹpútà. Nínú Ẹ́sẹ́ẹ̀lì tí èdè Faransé wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ tí a ń pè ní `VAN` kì í yọ owó ìbẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ rẹ̀ ń sọ pé ó ti yọ ọ́. Ó ka iye àkọ́kọ́ tí o bá fún un sí owó ìparí ọdún kìíní. Bí o bá kó mílíọ̀nù 2 mọ́ ọn, yóò ti gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn ọdún kan, oko kájú á sì fún ọ ní 317,912 dípò 349,703. Bó ṣe yẹ kí a kọ ọ́ nìyí, bí −2,000,000 bá wà ní `B1`:

```
=B1+VAN(10%;B2:B5)
```

4. Ta ló mú 10 wá?

Ìbéèrè gidi tó wà lẹ́yìn ìjà òṣùwọ̀n kejì àti ìkẹta ni ti ìyàtọ̀ àárín iṣẹ́ méjèèjì. Ẹni tó mú oko dípò ẹ̀rọ pàdánù 1,000,000 lọ́dún kìíní àti 500,000 lọ́dún kejì. Ó jèrè 600,000 lọ́dún kẹta àti 1,500,000 lọ́dún kẹrin. Èlé tí ìyàtọ̀ yìí lè rù jẹ́ nǹkan bí 15.2. Nítorí náà, bí èlé tí ẹgbẹ́ náà ń san, tàbí èyí tí wọ́n lè rí níbòmíràn, bá kéré sí 15.2, kí wọ́n gbin kájú. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ ló kàn. Ohun tó yẹ kí ìdáhùn rere sọ nìyí, kò sì sí ìbò kankan nínú rẹ̀.

Ibi tó dùn mí jù rèé. Ìbéèrè náà fún wọn ní 10, ó sì lọ. Ní àgbègbè owó sẹ́fà wa, òté èlé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014 jẹ́ 15 fún báńkì àti 24 fún àwọn ilé ìyáwó kéékèèké. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sí i. Ní 15, ohun tó kù fún ẹ̀rọ ni 35,613, ti oko ni 40,116: wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ní 24, ẹ̀rọ pàdánù nǹkan bí 205,000, oko pàdánù nǹkan bí 387,000, ìdáhùn tó tọ́ sì ni pé kí wọ́n má ṣe èyíkéyìí. Èwo nínú èlé mẹ́ta wọ̀nyí ni obìnrin Manigírì tó fẹ́ yáwó máa bá pàdé? “Èwo ló dára jù” kò fi àyè sílẹ̀ fún “kò sí”.

Níbi yìí ni mo ti fẹ́ gbèjà òṣùwọ̀n kìíní, tí àwọn olùkọ́ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òótọ́ ni pé kò ka owó tó wọlé lẹ́yìn tí ojú owó bá ti padà, ó sì ń fìyà jẹ igi tó ń so fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó àjọ rẹ̀ máa kàn án ní ọdún kejì kò lè dúró de ọdún kẹta àti oṣù mẹ́ta ààbọ̀, bó ti wù kí oko náà lọ́rọ̀ tó. Kì í ṣe èrè ni òṣùwọ̀n yìí ń wọ̀n, ìfaradà ni. Ó yẹ kí a gba ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìdí. Ohun kan náà ló mú kí n bi olùbéèrè léèrè ìdí tó fi gé kájú ní ọdún kẹrin, nígbà tí igi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so dáadáa. Ọdún mẹ́rin bá ìwé ìdáhùn mu. Kò bá oko mu.

5. Bí mo ṣe máa tún un kọ

Mi ò ní yí iye kankan padà. Gbólóhùn tó kẹ́yìn nìkan ni màá yí, báyìí: “Sọ ohun tí òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan wọ̀n. Sọ èlé tí ẹ̀rọ fi sàn ju oko lọ láti ibẹ̀ sókè, àti èyí tí kò sí èyí tó sàn nínú méjèèjì láti ibẹ̀ sókè. Lẹ́yìn náà, gba ẹgbẹ́ náà nímọ̀ràn, kí o sì sọ èlé tí o gbà pé wọ́n ń san.” Ìdáhùn wọn ni 15.2 àti 16.2.

Mo gbé e fún ọmọ tó ka ìbò. Ó pẹ́ lórí rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tó parí, ó béèrè pé ta ló yá àwọn obìnrin náà lówó. Mo ní kí ó kọ ìbéèrè yẹn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlà àkọ́kọ́ nínú ìdáhùn rẹ̀.