Ìkíni Ìrántí Ọdún Kan ní Àgbádárìgì

Bí òkú bá pé ọdún kan, tí èrò ti tú ká, tí ilé sì parọ́rọ́, nígbà náà gan-an ni ìwé ìkíni láti ọwọ́ ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ í kọ máa ń wúlò, nítorí ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ní Àgbádárìgì, níbi tí àwọn oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì ti gúnlẹ̀ ní 1842, ìwé ti di ẹnìkejì ẹnu.

Akọ̀wé tí ó gbọ́n máa ń kọ́kọ́ wo irú ikú tí ó ṣẹlẹ̀: bí ó bá jẹ́ àgbà, yóò ní, ‘Ẹ kú ìrántí, ẹ̀yìn wọn yóò dára’, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́, tí í ṣe ọ̀fọ̀, àdúrà ni yóò gbà, pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí irú rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò ki òkú, tí yóò sì dárúkọ ìwà rẹ̀ kan ṣoṣo. Mo rí irú rẹ̀ tí a kọ sí opó apẹja kan létí ọ̀sà: ‘Ìyá wa, ọdún kan pé lónìí tí bàbá ti gbé àwọ̀n kọ́, ẹja tí wọ́n máa ń fún aládùúgbò, àwọn ọmọ yín ṣì ń fún wa.’ Opó náà sunkún, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ìkíni tí a lè fi ránṣẹ́ sí ilé mìíràn láìyí ohunkóhun padà ju orúkọ lọ, òfìfo ni. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí òkú ṣe.