Ibi tí 'Tẹ́ńkíù' Mọ: Àmúlùmálà Ìkíni nínú Ọ̀rọ̀ Ìdúpẹ́ sí Ẹbí Òkè-Òkun

Èrò tí ó gbilẹ̀ láàrin ọ̀pọ̀ nínú àwa onímọ̀ Yorùbá ni pé ẹni tí ó bá ń po Gẹ̀ẹ́sì mọ́ Yorùbá ń ba èdè jẹ́. Ìdájọ́ yìí yá jù. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ni a ń yẹ̀ wò, ohun tí ó yẹ kí làmèyítọ́ kọ́kọ́ bèèrè ni iṣẹ́ tí ìkíni kọ̀ọ̀kan ń ṣe níbi tí a fi í sí, àti ẹni tí a ń kí.

Ọ̀rọ̀ tí a ó gbé yẹ̀ wò jẹ́ ohùn tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbà sílẹ̀ sórí fóònù ní Ìbàdàn, ní aago 8 òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, lẹ́yìn ìsìnkú ìyá wa. Ó fi í ránṣẹ́ sí ẹbí wa ní Lọ́ńdọ̀n àti Húsítìn. Mo gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó lò ó. Ó lọ báyìí:

"Gúùdù mọ́níìn sà, gúùdù mọ́níìn mà. Ẹ kú àsìkò yìí o. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú aájò, ẹ kú àdúrótì. Ẹ̀yin ọmọ wa, tẹ́ńkíù fẹ́rí mọ́ọ̀ṣì, Gọ́ọ̀dù bìlẹ̀sì yù. A kò ní fi irú rẹ̀ san án fún yín."

Ìkíni àkọ́kọ́ ni ó ní àléébù. Ní oṣù kẹrin, aago 8 Ìbàdàn ni aago 8 Lọ́ńdọ̀n, ṣùgbọ́n aago 2 òru ni ní Húsítìn. 'Ẹ káàárọ̀' pàápàá ì bá kùnà bákan náà, nítorí náà àṣìṣe àkókò ni, kì í ṣe ti èdè. Ẹ̀gbọ́n mi fura, ó sì fi 'ẹ kú àsìkò yìí' tún un ṣe, ìkíni tí kò dárúkọ wákàtí kankan.

Ẹ jẹ́ kí a wo 'sà' àti 'mà'. Gẹ̀ẹ́sì kò ní arọ́pò-orúkọ tí ó fi ọ̀wọ̀ àgbà hàn bí 'ẹ' ti ṣe nínú Yorùbá. Ọmọ tí ó bá sọ 'tẹ́ńkíù' lásán fún àgbà, a ó ní a kò kọ́ ọ. Ìdí nìyí tí a fi ń so ọ̀rọ̀ àyálò méjèèjì yìí mọ́ ọn. 'Ẹ ṣé sà' dùn létí. 'O ṣé sà' kò bára mu. A rí i pé Yorùbá ni ó ń ṣe òfin fún gbólóhùn tí ó dà bí Gẹ̀ẹ́sì.

Gumperz (1982) ka yíyan ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ mọ́ iṣẹ́ tí ìyípadà láti èdè kan sí òmíràn ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni 'tẹ́ńkíù fẹ́rí mọ́ọ̀ṣì' rí níhìn-ín. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí òkè-òkun, tí wọn kò gbọ́ Yorùbá, ni ó wà fún.

Ṣùgbọ́n 'ẹ kú ìnáwó' ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà. Níbi òkú àgbà, olóòkú ni àlejò sábà máa ń kí bẹ́ẹ̀, nítorí pé òun ni ó ni ìnáwó. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá fi í kí àwọn tí ó fi owó ránṣẹ́, ó sọ wọ́n di olóòkú pẹ̀lú wa. Wọ́n kúrò ní ẹni tí ó ṣe ìrànlọ́wọ́, wọ́n di ẹni tí ó sin ìyá wọn. 'Tẹ́ńkíù' kò lè ṣe èyí, nítorí pé yóò fi olùfúnni sí apá kan, yóò sì fi olùgbà sí apá kejì.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni a rí ẹ̀rí rẹ̀. Ẹbí mìíràn gé ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó sọ gbogbo rẹ̀ di Gẹ̀ẹ́sì kí ó lè yé tọmọdé tàgbà: 'Tẹ́ńkíù fọ̀ yọ̀ sọ̀pọ́ọ̀tù.' Àǹtí wa kan ní Lọ́ńdọ̀n, tí kò ní owó láti fi ránṣẹ́ ṣùgbọ́n tí ó ń pe ìyá wa lálaalẹ́ títí ó fi kú, fi ìbínú fèsì pé: "Ṣé bí ẹ ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó dá owó àjọ náà lẹ ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi?" 'Aájò' àti 'àdúrótì' ti mẹ́nu ba iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, nínú èkejì, kò rí ara rẹ̀ mọ́.

Àdúrà ìparí náà kò ṣeé fi sílẹ̀. Ẹni tí ó bá wá síbi òkú wa, àwa náà ní láti lọ síbi tirẹ̀. 'A kò ní fi irú rẹ̀ san án' ń tọrọ pé ayọ̀ ni kí a fi san gbèsè náà. 'Gọ́ọ̀dù bìlẹ̀sì yù' kò mọ̀ pé gbèsè kankan wà.

Nítorí náà, kì í ṣe iye ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó yẹ kí a fi díwọ̀n irú ọ̀rọ̀ báyìí. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti pe ẹni tí Yorùbá kò lè pè wọlé, ó tọ̀nà. Níbi tí ó ti gba ipò ìkíni tí ń dárúkọ ohun tí ènìyàn ṣe, ẹnìkan yóò wà nínú ẹbí tí a kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.