Ìbáramu àti Ìṣòtítọ́: Lámèyítọ́ Ọ̀nà Tí A Ń Gbà Yẹ Àwọn Ìwé Ìtọ́kasí Wò Nínú Iṣẹ́ Ìwádìí Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe lámèyítọ́ ọ̀nà tí a ń gbà yẹ àwọn ìwé ìtọ́kasí wò nínú iṣẹ́ akadá tí a fi èdè Yorùbá kọ. Ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ohun tí olùyẹ̀wò gbọ́dọ̀ mú bára mu àti ohun tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Àkọsílẹ̀ mẹ́ta lórí iṣẹ́ Awóbùlúyì ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Àbájáde rẹ̀ ni pé ìfàmìsí, lẹ́tà títẹ̀ àti orúkọ òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ bára mu láti òkè dé ilẹ̀, ṣùgbọ́n sípẹ́lì àkọlé, orúkọ jọ́nà àti orúkọ ilé ìtẹ̀wé gbọ́dọ̀ wà bí wọ́n ṣe wà nínú ìwé gan-an.

1.0 Ìfáàrà

Àwọn ìlànà ìtọ́kasí tí ó wọ́pọ̀ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa, bí i APA àti MLA, máa ń sọ ibi tí kọ́mà yóò wà, ibi tí àmì ìdánudúró yóò wà, àti ohun tí a ó kọ ní lẹ́tà títẹ̀, èyí tí àwọn atẹ̀wé ń pè ní ìtálíìkì. Ṣùgbọ́n àwọn ìlànà wọ̀nyí kò jókòó ṣe òfin fún èdè tí àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà jẹ́ ara sípẹ́lì rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé olúkúlùkù ń ṣe òfin tirẹ̀. Àwọn kan ń yọ gbogbo àmì kúrò kí ìwé ìtọ́kasí wọn lè rí bákan náà. Àwọn mìíràn ń fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ojú wọn bá rí, ìbáà jẹ́ nínú àkọlé ìwé tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ.

Tọ̀túntòsì wọn ni ó gbà pé ìbáramu ni òun ń wá. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé kì í ṣe gbogbo nǹkan ni a ń mú bára mu. Bí a bá mú ohun tí kò yẹ bára mu, ẹni tí ó bá fẹ́ tọ ipasẹ̀ òǹkọ̀wé lọ sí yàrá ìkàwé kò ní rí ìwé náà.

2.0 Àkọsílẹ̀ Mẹ́ta, Òǹkọ̀wé Kan

Ẹ jẹ́ kí a yẹ àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyí wò. A kò mú wọn láti inú iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. A kó irú àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jọ sínú wọn ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ń tọ́ka sí wà ní tòótọ́.

```
Awobuluyi, A.O. (1967): 'Vowel and Consonant Harmony in Yorùbá' J.A.L.L. Vol. 6, pp 1-8
Awobuluyi O (1978). Essentials of Yoruba Grammar, Ibadan, University Press Ltd.
Awóbùlúyì, Ọ. (2008) Ẹ̀kọ́ Ìṣẹ̀dá-Ọ̀rọ̀ Yorùbá. Àkúrẹ́: Montem Paperbacks.
```

Ẹni tí kò mọ òǹkọ̀wé yìí yóò rò pé ènìyàn mẹ́ta ni. Èkíní ń jẹ́ A.O., èkejì ń jẹ́ O, ẹ̀kẹta ń jẹ́ Ọ. Bí a bá to ìwé ìtọ́kasí náà ní álífábẹ́ẹ̀tì, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan fò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù. Síbẹ̀, ènìyàn kan ṣoṣo ni Ọládélé Awóbùlúyì. Ó fi A. ṣáájú Ọládélé nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì fi í sílẹ̀ lẹ́yìn náà.

Orúkọ ènìyàn ni ó yẹ kí a mú bára mu, nítorí pé orúkọ ni ó ń kó iṣẹ́ ẹnì kan jọ sójú kan. Nínú iṣẹ́ tí a fi èdè Yorùbá kọ, ó bójú mu kí orúkọ Yorùbá gba gbogbo àmì rẹ̀ níbi gbogbo, nínú àlàyé àti nínú ìwé ìtọ́kasí. Bí lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ kan bá wà nínú iṣẹ́ kan tí kò sí nínú òmíràn, kí a fi èyí tí a fi kún un sínú àkámọ́ onígun, kí òǹkàwé lè mọ̀ pé ọwọ́ olùtọ́kasí ni ó ti wá.

Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. A lè fi àmì sábẹ́ Ọ nínú orúkọ Awóbùlúyì nítorí pé a mọ̀ pé Ọládélé ni ó dúró fún. A kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún D. O. Fágúnwà láìronú. Òǹkọ̀wé yìí ní Oròwọlé, ó sì tún ní Ọlọ́runfẹ́mi. Ẹni tí ó bá sọ O. inú orúkọ rẹ̀ di Ọ. ti yan ọ̀kan nínú méjèèjì fún un. Níbi tí a kò bá ti ní ẹ̀rí, kí a fi lẹ́tà náà sílẹ̀ bí ó ṣe wà lójú ewé àkọlé.

3.0 Ohun Tí Kò Yẹ Kí A Fọwọ́ Kàn

Àkọlé yàtọ̀ sí orúkọ ènìyàn. Àkọlé jẹ́ ti ìwé, ìwé sì ti jáde tán. Nínú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, a ti sọ *Yoruba* di *Yorùbá* nínú àkọlé Gẹ̀ẹ́sì. Ó jọ àtúnṣe, ṣùgbọ́n àyípadà ni. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún ìwé tí ó jáde ṣáájú àkọtọ́ ọdún 1974. Ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ tí Fágúnwà kọ, tí ó jáde ní ọdún 1938, ní *Irunmale* nínú àkọlé rẹ̀; ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì ń kọ ọ́ ní *Irúnmọlẹ̀* nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó bá fi *Irúnmọlẹ̀* wá ìwé yìí nínú àkójọ ìwé lè má rí i.

Orúkọ jọ́nà ni ó léwu jù. J.A.L.L. tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ni a fi ń gé orúkọ *Journal of African Languages and Linguistics* kúrú. Ọdún 1979 ni jọ́nà yẹn bẹ̀rẹ̀. Àpilẹ̀kọ ọdún 1967 kò lè wà nínú rẹ̀. *Journal of African Languages* ni ó gbé e jáde, jọ́nà mìíràn pátápátá sì ni. Níbí ni a ti rí àǹfààní wíwo ọdún àti orúkọ jọ́nà pọ̀: bí ọdún bá ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ jọ́nà, ọ̀kan nínú méjèèjì kò tọ̀nà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a kọ orúkọ jọ́nà lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, kí a má gé e kúrú.

Orúkọ ilé ìtẹ̀wé náà kò gbọdọ̀ yí padà. Orúkọ Oxford University Press ni ó wà lára ìwé gírámà ọdún 1978. Lóòótọ́, ilé iṣẹ́ náà ní Ìbàdàn ni a wá mọ̀ sí University Press Limited, ṣùgbọ́n a kì í fi orúkọ tuntun sára ìwé àtijọ́.

4.0 Ìfàmìsí àti Lẹ́tà Títẹ̀

Níbí ni ìbáramu ti ní agbára rẹ̀ ní kíkún. Nínú àkọsílẹ̀ mẹ́ta yẹn, lẹ́yìn ọdún, a rí kólọ̀nù, a rí àmì ìdánudúró, a sì rí ibi tí kò sí nǹkan kan. Kò sí èyí tí ó burú fúnra rẹ̀; àìdúró sójú kan ni ó burú. Bí a bá tẹ̀ lé ìlànà APA, àmì ìdánudúró ni yóò tẹ̀ lé àkámọ́ ọdún. Àkọlé àpilẹ̀kọ kò ní gba àmì àyọlò, bẹ́ẹ̀ ni kò ní jẹ́ lẹ́tà títẹ̀. Orúkọ jọ́nà àti nọ́ńbà ìdìpọ̀ rẹ̀ ni yóò jẹ́ lẹ́tà títẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀dà tí ó wà nínú àkámọ́ àti nọ́ńbà ojú ewé yóò dúró ṣánṣán. Àkọlé ìwé odidi yóò jẹ́ lẹ́tà títẹ̀. Lẹ́tà ńlá ni a ó fi bẹ̀rẹ̀ àkọlé àpilẹ̀kọ àti ti ìwé, ọ̀rọ̀ yòókù yóò sì gba lẹ́tà kékeré àyàfi orúkọ àbísọ ẹni, ti èdè tàbí ti ìlú. Ṣùgbọ́n orúkọ jọ́nà kò ní pàdánù lẹ́tà ńlá rẹ̀.

Ẹ̀dà keje ìlànà APA, tí ó jáde ní ọdún 2019, ti yọ orúkọ ìlú tí a ti tẹ ìwé kúrò. Bí jọ́nà kan bá ṣì ń béèrè fún un, kí ó wà lára gbogbo ìwé. Bí kò bá béèrè, kí ó má sí lára ìkankan. Bí ó bá wà, àkọsílẹ̀ wa yóò rí báyìí:

```
Awóbùlúyì, A. Ọ. (1967). Vowel and consonant harmony in Yoruba. Journal of African Languages, 6(1), 1–8.
Awóbùlúyì, [A.] Ọ. (1978). Essentials of Yoruba grammar. Ìbàdàn: Oxford University Press.
Awóbùlúyì, [A.] Ọ. (2008). Ẹ̀kọ́ ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ Yorùbá. Àkúrẹ́: Montem Paperbacks.
```

Ojú tètè máa ń rẹ ẹni tí ó bá ń ka àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó sàn kí a ka ohun kan ṣoṣo láti òkè dé ìsàlẹ̀: orúkọ nìkan ní ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà àkámọ́ ọdún àti àmì tí ó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà lẹ́tà títẹ̀, kí ojú ewé wá kẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí, kí a kọ gbogbo orúkọ àti ọdún tí ó wà nínú àlàyé sílẹ̀, kí a sì fi wọ́n wé ìwé ìtọ́kasí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

5.0 Ohun Tí Ojú Kò Lè Rí

Kọ̀ǹpútà ti mú ìṣòro tuntun wá. Kò sí àmì kan ṣoṣo fún *ọ́* nínú Yúníkóòdù. Bọ́tìnnì kan lè tẹ *ọ* kí ó tó fi àmì òkè lé e. Òmíràn lè tẹ *ó* kí ó tó fi àmì sí i nísàlẹ̀:

```
U+1ECD U+0301
U+00F3 U+0323
```

Ojú rí wọn bákan náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ méjì. Ẹni tí ó bá tẹ ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ nílé, tí ó sì tẹ ìyókù ní ilé ìtẹ̀wé àdúgbò, lè wá orúkọ kan kí kọ̀ǹpútà sì fi díẹ̀ hàn án nínú gbogbo ibi tí orúkọ náà wà. Ọ̀nà láti mọ̀ ni kí a ṣe ẹ̀dà orúkọ náà láti inú ìwé ìtọ́kasí, kí a fi í wá inú àlàyé, kí a sì ka iye tí a rí. Bí ó bá dín sí iye tí a fi ojú kà, kí a tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnnì kan ṣoṣo.

Títò ní álífábẹ́ẹ̀tì náà gba àkíyèsí. Nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, Ọ ń tẹ̀ lé O ni, Ṣ ń tẹ̀ lé S, Gb sì ń tẹ̀ lé G. Nítorí náà Oyèláràn ṣáájú Ọlátúnjí. Nínú títò ti Gẹ̀ẹ́sì, Olatunji ni ó ṣáájú. Ẹni tí ó bá fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà láìyẹ̀ ẹ́ wò lè rí méjèèjì pọ̀ nínú ojú ewé kan.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìbéèrè méjì ni olùyẹ̀wò ń dáhùn kí ó tó yí lẹ́tà kan padà: ta ni ó ni ohun tí òun fẹ́ tún ṣe? Bí ó bá jẹ́ ti ìlànà, bí i kọ́mà, àkámọ́ àti lẹ́tà títẹ̀, kí ó mú un bára mu. Bí ó bá jẹ́ ti ìwé tí ó ti jáde, ìbéèrè kejì ni pé kí ni ó wà lójú ewé àkọlé? Orúkọ òǹkọ̀wé wà láàárín méjèèjì: a ń mú un bára mu, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ẹ̀rí. Ó kù sọ́wọ́ àwọn olóòtú jọ́nà Yorùbá láti kọ ìpinnu wọn lórí àmì ohùn, lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àti títò Ọ, Ẹ, Ṣ àti Gb sínú ìtọ́sọ́nà tí wọ́n ń fún àwọn òǹkọ̀wé, nítorí pé títí wọn yóò fi ṣe é, olúkúlùkù ni yóò máa dá ṣe òfin tirẹ̀.